Kí Ló Dé Tí Owó Orí Oníṣòwò Kékeré Fi Ṣòro Gbà, Ọ̀nà Wo Ló sì Ti Ṣiṣẹ́ Rí?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora ló ń lọ láàárín ọjà Ìlọrin. Àwọn kan ní ìjọba ti ní kí mẹ̀kúnnù má san owó orí mọ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ máa yọ owó nínú àkáǹtì gbogbo ẹni tó bá ń gba owó ọjà lórí fóònù. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ìpàtà gbọ́ méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tún dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Ó wá di pé kò mọ èyí tí òun ìbá gbà gbọ́.

Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣòro tó wà nídìí rẹ̀ ti wà ṣáájú òfin yìí, kò sì mọ ní Nàìjíríà nìkan: báwo ni ìjọba ṣe fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣòwò ara rẹ̀, tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní àkọsílẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ń wọlé lójoojúmọ́ tó tún ń jáde lójoojúmọ́? Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbìyànjú rẹ̀, apá kan yọrí, apá kan wó.

Owó wo gan-an là ń pè ní owó orí?

Oríṣi owó méjì ló wà tí a máa ń da pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni owó orí gangan, tó jẹ́ ìpín tí ìjọba ń gbà nínú èrè tí èèyàn jẹ láàárín ọdún. Ní ìpínlẹ̀ wa, àjọ tó ń gbà á ni KW-IRS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2015. Bí èèyàn kò bá jèrè, kò yẹ kó san án.

Èkejì ni owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó gáréèjì. Ti káńsù nìyẹn. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 ló to orúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti káńsù lè gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà láti fi gba owó lọ́wọ́ aráàlú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò bìkítà bóyá èèyàn jèrè tàbí kò jèrè. Ẹni tó tà á tán àti ẹni tí òjò lé wọlé ní agogo mẹ́wàá, iye kan náà ni wọ́n ń san.

Èyí ló fà á tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fi lè gbọ́ lórí rédíò pé òun kò jẹ gbèsè owó orí, kí onítíkẹ́ẹ̀tì sì tún dé. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa èrè, ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá ń béèrè owó àyè tí ó pàtẹ sí. Náírà àádọ́ta tí báńkì ń yọ nígbà tí èèyàn bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́, òun náà dá dúró lọ́tọ̀. Kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú èrè.

Èló ló yẹ kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ san?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ó ń ta ọjà ₦60,000 lójúmọ́, tó sì ń tà fún 300 ọjọ́ lọ́dún. Owó tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦18,000,000. Ẹni tó bá gbọ́ mílíọ̀nù méjìdínlógún á ní olówó ni ìyá náà. Àmọ́ ₦16,200,000 nínú rẹ̀ ló fi ra èlùbọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá. Ohun tó kù jẹ́ ₦1,800,000. Ó san owó ṣọ́ọ̀bù ₦120,000, owó ọkọ̀ àti alábàárù ₦240,000, owó àpò àti ọ̀rá ₦60,000. Èrè rẹ̀ gangan wá jẹ́ ₦1,380,000.

Òfin tuntun náà ní kí ẹni tó ń gbé ilé háyà yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, àmọ́ ohun tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ilé tó ń gbé ń gba ₦300,000 lọ́dún, nítorí náà ó yọ ₦60,000. Ó ku ₦1,320,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Ìyókù, ₦520,000, ni wọn yóò gba náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦78,000 lọ́dún, tàbí ₦6,500 lóṣù.

Ká wá ní ọdún kejì kò dáa, àwọn oníṣu gbówó lé ọjà, òun kò sì lè gbé owó rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń ta ₦60,000 lójúmọ́, àmọ́ ohun tó kù lẹ́yìn owó tó fi ra èlùbọ́ já sí ₦900,000. Bó bá yọ ₦420,000 tó ná, ₦480,000 ló kù. Owó orí rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ òdo.

Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn. Ìyá kan náà ni, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ọjà tó tà kò dín, síbẹ̀ ó yẹ kó san ₦78,000 lọ́dún kan, kó má san kọ́bọ̀ lọ́dún kejì.

Kí ló dé tí ìjọba kò fi lè mọ èrè rẹ̀?

Tíṣà tó ń gba owó oṣù ní Ìlọrin kò ní ọ̀nà àtisá fún owó orí, nítorí ẹlòmíràn ló ń kéde owó rẹ̀ fún ìjọba. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti yọ owó orí kó tó san owó oṣù. Ẹlẹ́rìí kẹta yìí ni gbogbo ètò owó orí ayé òde òní dúró lé lórí. Níbi tí ẹlẹ́rìí bá wà, owó ń wọlé. Níbi tí kò bá sí, ìwọ̀nba ohun tí olówó fúnra rẹ̀ bá sọ nìkan ló kù.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní ẹlẹ́rìí kankan. Àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba rìsíìtì. Ẹni tó kó èlùbọ́ wá fún un kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kódà òun fúnra rẹ̀ lè má mọ èrè rẹ̀ dáadáa, nítorí owó ọjà, owó oúnjẹ ilé àti owó ilé ìwé ọmọ wà nínú àpò ìdí kan náà. Agbowó-orí tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ₦78,000 tó lè má sí níbẹ̀. Ẹ gbé owó oṣù agbowó-orí àti owó ọkọ̀ rẹ̀ sórí ìyẹn, ẹ óò rí i pé ìjọba lè ná owó tó ju èyí tó gbà lọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi kan kún un tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ sọ. Láàárín àwọn tí kò sí nínú ìwé ìjọba, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọ́ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ alágbàtà ńlá tó ń já tírélà ọjà sílẹ̀ ní òru, onílé tó ní ṣọ́ọ̀bù ogún tí ó fi háyà, àti lọ́yà tàbí dókítà aládàáni tó ń gba owó lọ́wọ́ sí ọwọ́. Àwọn yìí náà kò ní ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n wọn kò pàtẹ sí gbangba, ó sì ṣòro láti kan ilẹ̀kùn wọn. Nítorí náà ni agbowó ṣe máa ń ya ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó síta nínú oòrùn.

Ṣé wọn kò lè fojú dá a?

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin sì gbà wọ́n láàyè. Láti ọdún 2011 ni òfin owó orí wa ti ní pé bí a kò bá lè mọ èrè ẹnì kan nítorí pé kò ní àkọsílẹ̀, kí a lo owó orí àfojúdá. Òfin tuntun náà fi àyè yẹn sílẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé kí ni a fẹ́ wò kí a tó fojú dá a.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lójú ìjọba ni kí wọ́n gba ìdá kan lórí gbogbo ọjà tí èèyàn tà, láìbéèrè èrè. Ká ní wọ́n ní kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún. Ó dà bíi pé ó kéré. Àmọ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún ₦18,000,000 jẹ́ ₦180,000. Lọ́dún tó dára, ìyẹn ti ju ìlọ́po méjì ₦78,000 lọ. Lọ́dún tí kò dára, nígbà tí kò yẹ kó san nǹkan kan, ₦180,000 yẹn á kó ju ìdá mẹ́ta ₦480,000 tó jẹ lérè lọ. Ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń ṣe irun lè fara da irú owó orí bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń gbà jẹ́ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín lórí ọjà púpọ̀, kò lè fara dà á. Ètò àfojúdá tí kò bá ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò lé àwọn ẹlẹ́lùbọ́ sá.

Kí ni Gánà ṣe tó yọrí?

Lọ́dún 1987, ìjọba Gánà rí i pé àwọn agbowó-orí wọn kò lè mú awakọ̀ èrò. Wọ́n bá ẹgbẹ́ awakọ̀ tó tóbi jù, GPRTU, ṣe àdéhùn pé kí ẹgbẹ́ máa gba owó orí ọmọ ẹgbẹ́ ní gáréèjì, kí wọ́n sì kó o fún ìjọba, kí ẹgbẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún wàhálà wọn.

Ẹni tó bá mọ alájọ á tètè mọ ìdí tí èyí fi ṣiṣẹ́. Alájọ kì í dúró di òpin ọdún kó tó wá béèrè owó ńlá. Ó ń wá lójoojúmọ́ tí owó wà lọ́wọ́, ó ń gba díẹ̀, ó ń sàmì sí káàdì, ó sì mọ ìgbà tí ọjà kò yá. Owó orí awakọ̀ Gánà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ń rí owó lójoojúmọ́, ó sì ń san díẹ̀díẹ̀ kó tó gbé èrò jáde. Ẹgbẹ́ mọ ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti èyí tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹlẹ́rìí tí ìjọba ń wá ti wà ní gáréèjì tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn lọ bá a ni. Owó wọlé dáadáa débi tí ìjọba fi mú ètò náà tọ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ mìíràn lọ.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ẹgbẹ́ awakọ̀ lágbára, wọ́n ní gáréèjì tí ọkọ̀ kò lè ṣàìgbà kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù kò ní irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ pàápàá, owó tí wọ́n gbà àti owó tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra, awakọ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà sì ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2003 ni ìjọba gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Wọ́n ṣe sítíkà tí awakọ̀ máa ń rà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, iye rẹ̀ sì dá lórí irú ọkọ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú. Kò sí pé à ń béèrè èrè, kò sí pé à ń dúnàádúrà. Ọkọ̀ èrò márùn-ún àti ọkọ̀ èrò ọgbọ̀n kò san iye kan náà, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà sì lè rí i bóyá awakọ̀ ti san. Lọ́dún 2005 wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kékeré: wọ́n pín wọn sí irú iṣẹ́ àti bí ṣọ́ọ̀bù ṣe tóbi tó, wọ́n sì ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tí sítíkà kù sí ni pé ó ṣì jẹ́ àfojúdá: ọkọ̀ tó wà ní mẹkáníìkì fún oṣù kan san iye tí ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ san.

Ta ló mọ ẹni tó lè san?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n dáhùn ní Kananga, ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, lọ́dún 2018. Owó orí ilé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn olùwádìí bá ìjọba ibẹ̀ pín àwọn àdúgbò ìlú náà. Ní àwọn kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ló gba owó. Ní àwọn mìíràn, olórí àdúgbò ló gbà á, irú èèyàn tí àwa ní Ìlọrin ń pè ní alángùá tàbí mágàjí. Níbi tí olórí àdúgbò ti gbà á, owó tó wọlé fi 44 lórí ọgọ́rùn-ún ju ti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà kẹta kún un: òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gba owó, àmọ́ ó kọ́kọ́ lọ jókòó pẹ̀lú olórí àdúgbò kó tó jáde. Èyí ló fi hàn pé ìmọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Olórí àdúgbò mọ ilé tí owó wà àti ilé tí kò sí, kò fi àkókò ṣòfò lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò ní. Wọ́n rí àléébù kan pẹ̀lú: àwọn olórí àdúgbò gba rìbá ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Fún ìdí yẹn, ọ̀nà kẹta ni èmi á mú bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí n yàn. Kí Ìyálọ́jà tàbí Bábalọ́jà sọ ẹni tó ń ta púpọ̀ àti ẹni tó ń ta díẹ̀, kí owó fúnra rẹ̀ má gba ọwọ́ wọn kọjá.

Kí ni oníṣòwò ń rí gbà padà?

Bùràsíìlì ló dáhùn èyí dáadáa jù. Lọ́dún 2008 wọ́n ṣe òfin kan fún ẹni tó ń dá ṣòwò, tí ètò náà ń jẹ́ MEI. Gbogbo owó orí tó yẹ kó san di ẹyọ kan lóṣù: náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó kéré jù tí òfin wọn fọwọ́ sí, bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, pẹ̀lú ṣẹ́ńjì díẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tàbí káńsù. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń lọ sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹni tó ń san án lè gba owó nígbà tó bá dàgbà, nígbà tó bá ṣàìsàn, tàbí nígbà tó bá bímọ. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá lórí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà; ọdún 2011 ni wọ́n dín in kù sí márùn-ún. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Ó ní ibi tó kù sí. Ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ tí kì í san déédéé, àwọn ọ̀gá kan sì ń ní kí òṣìṣẹ́ wọn lọ forúkọ sílẹ̀ bí oníṣòwò kí àwọn má baà san owó tó yẹ kí wọ́n san fún un. Síbẹ̀, ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀ mọ ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe fún òun. Ní ọjà wa, ẹni tó san tíkẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún kò ní ju pépà lọ tó lè fi hàn, ìdọ̀tí sì lè wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàtẹ.

Báwo ni a ṣe lè lò ó ní Kwara?

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ dópin. Bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá san ₦200 lójúmọ́ fún 300 ọjọ́, ₦60,000 ti lọ. Lọ́dún tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦480,000, ìdá mẹ́jọ rẹ̀ nìyẹn, lórí èrè tí òfin ní kó má san owó orí lé lórí. Bí káńsù àti ìpínlẹ̀ bá jọ ṣe sítíkà kan fún oṣù mẹ́ta, tí iye rẹ̀ dá lórí irú ọjà àti bí ìsọ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà-Ọba tàbí ní ọjà Òwódé ní Ọ̀fà kò ní í tún dá ẹnì kan lóhùn. Kí owó rẹ̀ gba báńkì tàbí fóònù wọlé tààrà, kí ohun tó wọlé láti ọjà kọ̀ọ̀kan wà lára pátákó ní ẹnu ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ná lórí kíkó ìdọ̀tí àti omi.

Èkejì, kí àwọn agbowó-orí tó mọ ìṣirò lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ńlá àti àwọn onílé. Wọn kò pọ̀, Ìyálọ́jà mọ̀ wọ́n, ilé tí wọ́n fi háyà sì wà lójú pópó. Wákàtí kan lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn lè mú owó wọlé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín àwọn aláta.

Ní ti oníṣòwò, ìwé ìkọ̀wé kan tó ìgbèjà rẹ̀. Kó la ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀ lójoojúmọ́: iye tó tà, iye tó fi ra ọjà, iye tó ná lórí ọkọ̀ àti ìsọ̀. Kó kó rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, rìsíìtì ilé tó ń gbé àti gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó já sínú àpò kan. Owó orí àfojúdá wà fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá wá bá a pé ó tà mílíọ̀nù méjìdínlógún, ìwé yẹn ló lè fi hàn wọ́n pé ₦480,000 ló ṣẹ́kù sí òun lọ́wọ́.